Owó Ilé Nínú Àkáǹtì Ṣọ́ọ̀bù: Bí A Ṣe Ń Kọ Ohun Tí Olówò Mú

Ẹni tó bá ń tajà láàárín Alábà, Ìyànà Ìbà àti Òkókómáíkò lóde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ ka owó bébà mọ́. Oníbàárà á béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, á tẹ fóònù rẹ̀, owó ti wọ báńkì. Inú àkáǹtì kan náà ni owó tí a fi ń lọ ra ọjà ti ń jáde, ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé ọmọ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni owó aṣọ ẹbí àti owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìyá nílé ti ń jáde. Kò sí ìjà nínú ìyẹn, nítorí olówò ló lowó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí oṣù bá parí, tí owó kò sì tó, a kì í lè sọ ohun tó gbé e lọ. Ṣé ọjà ni kò lérè ni, àbí èrè wà, àmọ́ a ti ná kọjá rẹ̀? Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò lérè ní láti wo iye tó ń tà á àti ibi tó ti ń rà á. Ẹni tó ń ná kọjá èrè kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọjà rárá; ìnáwó ilé ló yẹ kó gbé yẹ̀ wò. Ohun tó sì máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ojú ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣí, ìyẹn ojú ìwé tí a ti ń kọ ohun tí olówò mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò lọ́nà. Ẹni tó forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó fi ìwé náà ṣí àkáǹtì ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, òun àti ṣọ́ọ̀bù náà ṣì jẹ́ ẹnì kan náà lójú òfin. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ya kọ́ńpìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó dá a sílẹ̀, àmọ́ kò ya orúkọ òwò sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbèsè tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ, olówò ló jẹ ẹ́. Owó tí ṣọ́ọ̀bù bá ní, olówò ló ni ín. Nítorí náà ni olówò kò ṣe lè san owó oṣù fún ara rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi wọnú ìnáwó òwò. Ó lè máa mú iye kan náà lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, ó sì lè máa pè é ní owó oṣù nílé, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé mọ̀ ọ́n sí ni owó tí olówò mú, èyí tí àwọn akáńtáǹtì ń pè ní dírọ́ìǹsì.

Inú ìwé nìkan ni a ti ń ṣe bí ẹni pé olówò àti òwò jẹ́ ẹni méjì. Àṣà yìí ti pẹ́. Nígbà tí Luca Pacioli tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ìlú Fẹ́nísì lọ́dún 1494, ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ tó ṣàlàyé bí oníṣòwò ṣe ń kọ ìṣirò ní apá méjì, ó sọ fún àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n ní ojú ìwé ti ìnáwó ilé lọ́tọ̀ nínú ìwé òwò wọn. Kò ní kí wọ́n má náwó ilé. Ohun tó fẹ́ ni kí owó ilé ní ibùgbé tirẹ̀, kó má baà wọ àárín owó ọjà lọ.

Ohun tó ń jẹ́ ìnáwó òwò ni owó tó jáde kí ọjà lè wọlé tàbí kí ọjà lè tà. Owó iná tó ń mú fírísà tutù, owó ọmọ tó ń bá wa tajà, owó ọkọ̀ tó gbé páálí ọjà wá, gbogbo wọn bá a mu. Owó ilé-ìwé ọmọ kò mú ọjà kan ṣoṣo tà, bó ti wù kó ṣe pàtàkì tó. Nítorí náà, a kì í yọ ọ́ lára èrè. Ojú owó ni a ti ń yọ ọ́, lẹ́yìn tí a bá ti fi èrè kún ojú owó náà. Nínú ìwé, apá méjì ni a máa ń kọ ọ́ sí. Bí owó ilé-ìwé náà bá jẹ́ ₦180,000, báńkì dín kù ní ₦180,000, ojú ìwé tí a kọ “Olówò mú” sí lórí sì pọ̀ sí i ní ₦180,000. Ojú ìwé ìnáwó kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá mú oṣù kan, ká ṣe é látòkè délẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ Ìyànà Ìbà. Títúsù, kòtè àti pánlá ló ń tà. Ìjọra Ọlọ́pàá ló ti ń ra páálí, tí ọkọ̀ á sì gbé e gba òpópónà Àgbádárìgì bọ̀. Iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, kò san owó ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni. Inú ilé tí wọ́n háyà ní Ìbà ni òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ń gbé. Èmi ni mo ṣètò iye owó tó wà níbí kí ìṣirò lè rọrùn, àmọ́ irú àwọn ìnáwó wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń tajà lágbègbè náà.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù, ₦620,000 wà ní báńkì. Ó ka ẹja tó wà nínú fírísà, ó ṣírò rẹ̀ ní iye tó rà á, kì í ṣe iye tó fẹ́ tà á, ó jẹ́ ₦1,180,000. Kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹ́. Ká fi fírísà fúnra wọn sílẹ̀ ná. Ojú owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦1,800,000. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Láàárín oṣù náà, ọjà tó tà wọ báńkì ní ₦4,350,000. Owó tó jáde fún ẹja jẹ́ ₦3,520,000. Iná ṣọ́ọ̀bù gba ₦60,000. Ọmọbìnrin tó ń bá a gé ẹja gba ₦70,000. Ọkọ̀ gba ₦40,000, owó tí báńkì ń yọ àti ti ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì jẹ́ ₦20,000, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà jẹ́ ₦10,000. Kò sí wàhálà nínú gbogbo ìwọ̀nyí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹntiróò. ₦120,000 ló jáde lọ sílé epo nínú oṣù náà, gẹ́gẹ́ bí sítétímẹ́ǹtì báńkì ṣe fi hàn. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló mu gbogbo rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló ń rà, mẹ́ta fún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ilé. Nítorí náà, ₦90,000 jẹ́ ìnáwó òwò, ₦30,000 jẹ́ ti olówò. Ẹ ṣàkíyèsí pé kẹ́ẹ̀gì ló fi pín in, kò kàn fojú dá a. Bí a bá fẹ́ pín ìnáwó tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù jọ ń lò, ká wá ohun tí a lè kà: kẹ́ẹ̀gì epo, wákàtí tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, iye ìgbà tí ọkọ̀ lọ sọ́jà. Ohun tí a bá fi pín in lóṣù yìí ni ká fi pín in lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń yí ọ̀nà ìpín padà lóṣooṣù kò ní mọ̀ bóyá epo ló wọ́n ni tàbí ìpín ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe owó fóònù tó jẹ́ ₦15,000: ₦10,000 lọ sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, ₦5,000 lọ sórí fóònù ọmọ tó wà nílé-ìwé.

Àwọn tó jẹ́ ti olówò láìní àríyànjiyàn ni owó ilé-ìwé, ₦180,000. Aṣọ ẹbí, ₦45,000. Owó tó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ₦40,000. Àti àjọ, ₦100,000. Mo máa padà sórí àjọ, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó wá ku ₦85,000 tí kò lórúkọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi pí-ó-ẹ́ẹ̀sì fún èèyàn lówó lẹ́bàá ọ̀nà ló ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí sítétímẹ́ǹtì kọ síbẹ̀ kò ju orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ. Irú owó báyìí ló ń ba ìwé jẹ́ jù lọ, ju owó ilé-ìwé lọ fíìfíì, nítorí owó ilé-ìwé ń pe ara rẹ̀ lórúkọ. Obìnrin yìí ní láti jókòó kó rántí. Ó rí rìsíìtì ẹni tó tún fírísà ṣe, ₦35,000. Ìyẹn jẹ́ ìnáwó òwò. ₦50,000 tó kù, ọjà ilé ló fi rà. Ká ní ó ti jẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, kò ní rántí fírísà náà mọ́.

Ìnáwó òwò, yàtọ̀ sí ẹja tó rà, wá di ₦335,000. Owó tó jáde ní báńkì fún olówò di ₦450,000. Ẹ wò ó bóyá báńkì gbà bẹ́ẹ̀: ₦620,000 tó wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ₦4,350,000 tó wọlé, yọ ₦3,520,000 ti ẹja, yọ ₦335,000, yọ ₦450,000, ó ku ₦665,000. Iye tó wà lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà nìyẹn.

Bó bá dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. ₦620,000 ló fi bẹ̀rẹ̀, ₦665,000 ló kù, á ní òwò ti lọ sókè ní ₦45,000. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò, ibi tí ìṣirò wọn máa ń parí sí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni owó ti ń tàn wọ́n jẹ.

Ó ku fírísà. Ó ka ẹja tó ṣẹ́kù, ó jẹ́ ₦1,090,000 ní iye tó rà á. Ó sì rántí pé òun gbé ẹja lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, èyí tó kọ sórí páálí tó fi mọ́ ara ògiri, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦30,000 ní iye tó rà á. Ẹja yẹn kò tà, kò sì bàjẹ́. Olówò ló mú un. Bó ṣe wọ ojú ìwé “Olówò mú” nìyẹn, a sì yọ ọ́ kúrò nínú iye ẹja tí a rà fún títà. Iye tó rà á ni a fi ń kọ ọ́, nítorí èèyàn kì í jèrè lára ara rẹ̀.

Ẹja tó wà tẹ́lẹ̀, ₦1,180,000, pẹ̀lú èyí tó rà, ₦3,520,000, jẹ́ ₦4,700,000. Yọ ₦1,090,000 tó ṣẹ́kù, yọ ₦30,000 tó lọ sílé, ó ku ₦3,580,000. Iye tó ná an láti ra ẹja tó tà gan-an nìyẹn. Ó ta ẹja náà ní ₦4,350,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦770,000. Yọ ìnáwó òwò ₦335,000, èrè oṣù náà jẹ́ ₦435,000.

Olówò wá mú ₦450,000 láti báńkì àti ẹja ₦30,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦480,000. Èrè ₦435,000, ohun tó mú ₦480,000: ó jẹ ojú owó ní ₦45,000. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ìṣirò náà tọ́, ẹ fi owó báńkì ọjọ́ ìparí, ₦665,000, kún ẹja tó ṣẹ́kù, ₦1,090,000. Ó jẹ́ ₦1,755,000. Ojú owó tó fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Ó ti dín ní ₦45,000, iye kan náà géérégé tí báńkì sọ pé ó fi lọ sókè. Fírísà ló sọ ara rẹ̀ di owó, tí owó báńkì fi pọ̀. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, báńkì á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ páálí tó lè kó ní Ìjọra á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, láìmọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀nà kejì tí èèyàn fi ń ṣìnà, nítorí àwọn tó máa ń kọ̀wé gan-an ló ń ṣe é. Ká ní obìnrin yìí fi gbogbo ohun tó jáde sábẹ́ ìnáwó, tó kó owó ilé-ìwé, aṣọ ẹbí, àjọ àti ẹja ilé pọ̀ mọ́ owó iná àti owó ọkọ̀. Ìwé rẹ̀ á sọ pé òun pàdánù ₦45,000 nínú ẹja. Á wá rò pé ẹja kò pé mọ́. Ó lè fowó kún ẹja, kí àwọn oníbàárà sì ṣí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Ó lè pa ẹja tì, kó lọ máa ta nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ẹja náà ti mú ₦435,000 wá fún un lóṣù kan ṣoṣo. Òwò tó ń bọ́ ilé ló fẹ́ pa, nítorí pé ó kọ oúnjẹ tí ilé jẹ sí òwò lọ́rùn.

Bó ti rí gan-an ni pé ọjà dára, ọwọ́ ilé ló wúwo. Báńkì nìkan kò lè sọ èyí fún un, ìwé tó da méjèèjì pọ̀ kò sì lè sọ ọ́.

Ó wá kan àjọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú èèyàn lójú, nítorí owó àjọ kò sọnù, ó wà lọ́wọ́ olórí àjọ, ọjọ́ kan á sì padà wá. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé ta ló ń dá àjọ náà, olówò ni tàbí òwò? Bó bá jẹ́ pé orúkọ ara rẹ̀ ló fi ń dá a, tó sì lè fi owó náà san owó ilé tàbí ra góòlù nígbà tó bá kàn án, ohun tí olówò mú ni ₦100,000 náà. Lọ́jọ́ tí àjọ bá kàn án, tó sì dá owó náà padà sínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù láti fi kó ẹja, kí ó kọ ọ́ sí owó tí olówò fi kún ojú owó. Kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ọjà tí òun tà. Bí ẹ bá rí oṣù kan tí títà dédé fò sókè, tí ẹja tó jáde nínú fírísà kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ wá owó àjọ, owó tí ọkọ fi ránṣẹ́, tàbí owó tí a yá níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé torí ọjà nìkan ni a ṣe ń dá àjọ náà, tí a ti pinnu pé kò ní lọ síbòmíràn, a lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí owó òwò tó wà lọ́dọ̀ olórí àjọ. A ó máa kà á mọ́ ojú owó, bí a ṣe ń ka owó báńkì. Èmi kì í sábà gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìpinnu yẹn kì í pẹ́ yẹ̀ nígbà tí ìnáwó ilé bá dé. Ẹ kọ ọ́ sí ohun tí olówò mú, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ padà nígbà tó bá wọlé. Ẹ kò ní ṣìṣe. Ohun tó burú ni kí a kọ ọ́ báyìí lóṣù yìí, ká kọ ọ́ bọ́hùn-ún lóṣù kejì.

Ọ̀nà kan náà ni a fi ń wo owó tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá ní ká yá òun. Bí kò bá sí ọjọ́ tí yóò san án, tí kò sì sí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, ohun tí olówò mú ni. Bó bá san án padà, ẹ kọ ọ́ sí ohun tí olówò fi kún un.

Ibi tó rọrùn jù láti kọ gbogbo èyí ni inú fóònù fúnra rẹ̀, lásìkò tí owó ń jáde gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ojú fóònù máa ń béèrè ohun tí owó náà wà fún, níbi tí a kọ `Narration` tàbí `Remark` sí. Ọ̀pọ̀ wa ń fò ó, tàbí ká kọ létà kan ṣoṣo síbẹ̀. Ẹ fi àmì kan bẹ̀rẹ̀ gbogbo owó tó jẹ́ ti olówò, bíi OM, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó yàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ ti òwò:

```
OM ILE IWE TAAMU KEJI
OM AJO OSE KETA
OW EJA PAALI 12 IJORA
OW EPO KEEGI 3
OM EPO KEEGI 1
```

Bí oṣù bá parí, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì, ẹ wá OM, ẹ ṣe àròpọ̀ rẹ̀. Owó tí ẹ gbà lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì kò ní lè gba àmì yìí, nítorí náà ẹ kọ ohun tí ẹ fi ṣe sínú ìwé kékeré lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ tó sùn.

Owó kan wà tí àmì kò lè mú, ìyẹn owó tí kò dé báńkì. Oníbàárà san owó bébà ₦6,000, olówò fi ra oúnjẹ ọ̀sán, ó fi ìyókù fún ọmọ. Kò wọ sítétímẹ́ǹtì níbì kankan, ẹja náà sì ti lọ. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé èrè orí ọjà á dín kù láìnídìí. Nínú oṣù tí a ṣe yìí, nínú ₦100 tó tà, bíi ₦18 ló jẹ́ èrè orí ọjà. Bí iye tí a ń rà á àti iye tí a ń tà á kò bá yí padà, tí ₦18 bá sì di ₦14, ẹja kan wà tó tà tí a kò kọ ọ́, tàbí tó lọ sílé, tàbí tó bàjẹ́, tàbí tí ẹnì kan jí. Kí a tó fi ojú burúkú wo ọmọbìnrin tó ń gé ẹja, ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a mú látinú páànù owó.

Ọ̀rọ̀ owó orí náà kàn án. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí kò yí ohun tó wà tẹ́lẹ̀ padà: a kì í yọ ìnáwó ilé kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó orí. Èrè ni wọ́n ń bù lé, kì í ṣe ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí olówò ti mú tirẹ̀. Bí gbogbo oṣù bá rí bíi ti obìnrin yìí, èrè ọdún jẹ́ ₦5,220,000. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ₦15 ni lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦330,000. Lórí ₦2,220,000 tó kù, ₦18 ni, ìyẹn ₦399,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦729,600, kí a tó yọ àwọn ohun tí òfin gbà á láyè láti yọ.

Ọ̀kan nínú wọn wúlò níbí. Owó ilé tí èèyàn ń gbé, ohun tí olówò mú ni, kò sì lè wọ ìnáwó òwò. Ṣùgbọ́n òfin náà jẹ́ kí ẹni tó ń háyà ilé yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ bu owó orí lé, àmọ́ iye tí yóò yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Bí obìnrin yìí bá fúnra rẹ̀ ń san ₦600,000 lọ́dún fún ilé wọn ní Ìbà, ₦120,000 ni yóò yọ, owó orí rẹ̀ á sì di ₦708,000. Nítorí náà, rìsíìtì lanlọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí a ń jù nù torí pé ọ̀rọ̀ ilé ni. LIRS, ilé-iṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, ni yóò kọ̀wé sí, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Owó orí náà fúnra rẹ̀, bó bá ti àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù san án, ohun tí olówò mú ni, nítorí òun ló jẹ ẹ́. Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà nítorí ṣọ́ọ̀bù ni ìnáwó òwò.

₦708,000 lọ́dún jẹ́ ₦59,000 lóṣù. Ẹ wá rí i pé ₦435,000 tí òwò jèrè kò ṣe é mú tán, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ kí òwò náà dàgbà. Yọ ₦59,000, ó ku ₦376,000. Iye páálí náà sì wà níbẹ̀. Bí títúsù bá gbówó lórí ní Ìjọra, ojú owó ₦1,800,000 kò ní ra iye páálí tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé naira kò dín. Èmi ì bá sọ fún un pé kó má ṣe mú ju ₦300,000 lọ lóṣù. Kó fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan náà, sínú àkáǹtì mìíràn tó wà fún ilé, kí aṣọ ẹbí, àjọ àti owó ilé-ìwé máa ti ibẹ̀ jáde. Sítétímẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù á wá ní OM kan ṣoṣo lóṣù, pẹ̀lú ẹja Sátidé tó wà lára ògiri. Oṣù tí owó ilé-ìwé bá wọlé á le. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ti máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú àkáǹtì ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Ó ku ẹni tí kò tíì kọ nǹkan kan rí. Kí onítọ̀hún gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kó mú bírò aláwọ̀ méjì, kó fàlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ ti òwò àti ohun tó jẹ́ ti olówò. Kò ní rántí gbogbo rẹ̀. Èyí tí kò bá rí rìsíìtì rẹ̀, tí kò sì lè dárúkọ ohun tó fi rà fún ṣọ́ọ̀bù, kó fi í sí ti olówò. Bó bá ṣìṣe lápá ibẹ̀, ìwé rẹ̀ á kàn fi hàn pé èrè pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, pé òun náà sì mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ojú owó tó ṣẹ́kù kò ní yí padà. Kó wá ka ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó fi í kún owó báńkì, kó yọ gbèsè tó bá jẹ, kó sì kọ déètì sí i. Láti orí nọ́ńbà yẹn ni oṣù tó ń bọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.